Ta Ló Yan Páìpù Yẹn? Ìwé Ìrírí Ẹnjiníà àti Omi Abúlé

"A gbẹ́ bóhóòlù, a gbé táńkì sókè, a fa páìpù wọ àárín abúlé, omi sì ń yọ." Irú gbólóhùn yìí kún inú ìwé ìrírí tí àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà ń kọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà tó dáńtọ́. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà iṣẹ́ tó jókòó láti yẹ ìwé náà wò kò rí nǹkan kan dìmú níbẹ̀, nítorí kò lè sọ èyí tí ọ̀gá ṣe, èyí tí kọngílá ṣe àti èyí tí ẹni tó kọ ìwé ṣe.

Ní Nàìjíríà, COREN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1970 gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ló ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ yìí. Dìgírì nìkan kò tó. Ẹni tó bá jáde ní yunifásítì ní láti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, kí ẹnjiníà tó ti gba orúkọ fọwọ́ sí i, kó sì dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn àgbà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ECSA tiẹ̀ pín ojúṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sí ìpele 5, láti A dé E. Ẹni tó wà ní A kàn ń wòran iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá dé E ń dá iṣẹ́ ṣe, ó sì ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀gá rẹ̀ tó ti gba orúkọ ni òfin yóò bi. Ẹ̀mí ìwé ìrírí wà nínú ìyàtọ̀ yìí: wọn kò béèrè bóyá ọmọdé náà ló ni iṣẹ́, wọ́n ń béèrè ìpinnu tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ká wá gbé e ka orí iṣẹ́ kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú abúlé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ènìyàn 1,200 ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà ṣètò omi tí pọ́ǹpù sólà yóò máa fà. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lítà 30 lójúmọ́, ìyẹn lítà 36,000 fún gbogbo abúlé. Bí iye ènìyàn bá ń fi ìdá 3 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún, wọn yóò tó 1,870 ní ọdún 15 sí i, omi tí wọn yóò sì nílò yóò lé ní lítà 56,000.

Àwọn tó gbẹ́ bóhóòlù kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé lítà 1.4 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n fi tú omi jáde fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, oṣù kẹsàn-án ni, ilẹ̀ sì ṣì mu òjò yó. Ẹnjiníà wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi pọ́ǹpù fà á fún wákàtí 24 láìdúró, kí wọ́n sì máa wọn ibi tí omi wà nínú kànga. Títí ilẹ̀ fi mọ́, omi náà ṣì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ohun tí pọ́ǹpù ń fà ju ohun tí àpáta ń dá padà lọ. Bí wọ́n bá ra pọ́ǹpù tó bá 1.4 mu, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, omi á sá lọ sábẹ́ pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì máa fa afẹ́fẹ́ títí yóò fi jóná. Ọ̀pọ̀ bóhóòlù tí wọ́n ní ó ti "gbẹ" kò gbẹ rárá. Pọ́ǹpù tó tóbi jù ló kó bá wọn.

Lítà 1 ló fi lélẹ̀. Bí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí 6, kànga kan á mú lítà 21,600 wá, èyí tí kò tó abúlé jẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: kó fi jẹnẹrétọ̀ kún sólà, kó gbẹ́ kànga mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kó gbẹ́ méjì kó sì fi àyè ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ó kọ jẹnẹrétọ̀ nítorí pé àwọn ará abúlé ni yóò máa ra epo. Owó kò gbé kànga mẹ́ta. Méjì á mú lítà 43,200 wá, èyí tó tó ènìyàn 1,440, abúlé náà yóò sì lo nǹkan bí ọdún 6 kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ó mú méjì, ó sì kọ ọdún 6 yẹn sínú ìwé gbangba gbàǹgbà kí onílé má bàa rò pé ọdún 15 ni òun rà.

Ojú ewé tí ọ̀rọ̀ yìí wà ni kókó ìwé ìrírí rẹ̀. Gbogbo yòókù, irú bíi gígùn àti ìbú táńkì, àwòrán lè fi hàn.

Ìpinnu kejì kéré, ṣùgbọ́n òun ni àwọn àgbà sábà máa ń bù jẹ. Ẹ̀rọ omi mẹ́rin wà ní ìparí páìpù tó gùn ní mítà 600, gbogbo wọn ń fẹ́ lítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí táńkì fi mítà 9 ga ju ibẹ̀ lọ. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 40 ló wà nínú ìwé owó tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́wọ́: ìfaragbara omi pẹ̀lú ara páìpù yóò jẹ nǹkan bíi mítà 12 nínú gíga yẹn, mítà 9 péré sì ni wọ́n ní. Èyí túmọ̀ sí pé láàárọ̀ tí kẹ́ẹ̀gì bá tò lọ bẹẹrẹ, ẹ̀rọ ìparí á kàn máa ṣe tótó. Pẹ̀lú páìpù 50, nǹkan bíi mítà 4 ló ń bá a lọ, 5 sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀yìn èyí ló gbé e sínú EPANET láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé EPANET ló yan páìpù fún òun ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìbéèrè tí kò ní dùn mọ́ ọn.

Ó tún kọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Onímọ̀ nípa abẹ́ ilẹ̀ ló wá ojú kànga. Kọngílá ló ya àwòrán irin tó gbé táńkì, ẹnjiníà mìíràn ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá rẹ̀ ló fọwọ́ sí kànga méjì, lẹ́yìn tó bi í léèrè nípa ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ní kó tún ìdánwò náà ṣe nínú oṣù kejì. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú ọ̀rọ̀ báyìí á sọ àwọn di kékeré lójú àgbà. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ní òun ló ṣe ohun gbogbo ni wọ́n máa ń bi léèrè nípa irin abẹ́ táńkì, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á ti wọlẹ̀.

Àwọn àgbà yóò wo igun ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣètò, ẹni tó yà á àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Nítorí náà, ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí déètì àti ìbọ̀wọ́lù ọ̀gá wà lára rẹ̀, lágbára ju àlàyé tí wọ́n jókòó kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lọ. Ọ̀gá lè ti kúrò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, ó sì lè má rántí ẹni tó sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ 40 sí 50.