KÍKA ÀTẸ ÌTÌ-ÀTI-EWÉ LÁTI INÚ FỌ́TÒ: IYE AGBEDEMÉJÌ, IYE ÌDÁMẸ́RIN ÀTI ÀLÀFO

Àtẹ ìtì-àti-ewé jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń to àkójọ iye sílẹ̀ láìsọ ìkankan nínú wọn nù. A ó pín iye kọ̀ọ̀kan sí méjì: ẹyọ nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn ni ewé, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ìtì. Àwọn iye tí ìtì wọn jẹ́ ọ̀kan náà yóò wà lórí ìlà kan ṣoṣo. John Tukey, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó sọ irú àtẹ yìí di ohun tí ayé mọ̀ nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1977. Ohun tí ó fi dára ju àtẹ onípòó lọ ni pé ẹni tí ó bá ń wò ó lè rí bí kíláàsì ṣe rí, kí ó sì tún rí máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Lóde òní, orí pátákó ni a sábà máa ń ya àtẹ yìí sí, fọ́tò tí a fi fóònù yà ni ó sì máa ń dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣètò ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ tí máàkì wọn kéré sí iye ìdámẹ́rin kìíní. Lókè pátákó ni a kọ ọ́ sí pé ọmọ 24 ni ó ṣe ìdánwò náà, àti pé 4 | 2 dúró fún máàkì 42. Ohun tí ó hàn nìyí:

```
1 | 8
2 |
3 | 4 6 9
4 | 0 2 5 5 8
5 | 1 1 3 6 7 9
6 | 0 2 4 4 8 □
7 | 3 5
8 |
9 | 1
```

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti dán bo òpin ìlà tí ìtì rẹ̀ jẹ́ 6. Àmì □ ni a fi sí ibẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òǹkàwé wá ni àlàyé tí ó sọ ohun tí ìtì àti ewé dúró fún. Bí ẹni tí ó ya fọ́tò bá ti gé e kúrò, 4 | 2 lè jẹ́ 42, ó lè jẹ́ 4.2, ó sì lè jẹ́ 420. Kò sí ohun tí ó wà nínú ewé fúnra rẹ̀ tí ó lè yanjú èyí. Lẹ́yìn náà ni kí ó ka ewé. Èyí tí ó hàn jẹ́ 23, ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́ 24. Nítorí náà, ewé kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ bò.

A tún gbọ́dọ̀ yẹ ẹyọ nọ́ńbà tí kò hàn dáadáa wò. Nínú fọ́tò náà, ewé kejì lórí ìlà 5 fẹ́ jọ 7. Ṣùgbọ́n láti kékeré lọ sí ńlá ni a máa ń to ewé, 1 ni ó ṣáájú rẹ̀, 3 ni ó sì tẹ̀ lé e. Kò lè jẹ́ 7 láéláé. Ọgbọ́n yìí ní ibi tí ó mọ. Bí ó bá jẹ́ pé ewé tí ó gbẹ̀yìn ìlà 4 ni a kò mọ̀ bóyá 6 ni tàbí 8, méjèèjì ni ó bá ètò mu, àfi kí a padà sí ìwé máàkì. Bí a kò bá sì tíì to ewé rárá, ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́.

Iye agbedeméjì

Níwọ̀n bí ọmọ ti jẹ́ 24, iye agbedeméjì yóò wà láàárín ipò 12 àti ipò 13. Kò sí ìdí láti ka ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà 1 títí dé ìlà 4 ní ewé 9. Nítorí náà, ipò 12 ni ewé kẹta lórí ìlà 5, èyí tí í ṣe 53. Ipò 13 sì jẹ́ 56. Ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ 54.5.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan: a rí èsì yìí láìmọ ewé tí ìmọ́lẹ̀ bò. Nítorí pé ó tẹ̀ lé 8 lórí ìlà tí a ti tò, 68 tàbí 69 ni. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, òkè agbedeméjì ni ó wà. Wíwà rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye rẹ̀.

Iye ìdámẹ́rin

A ó pín àwọn iye sí méjìlá-méjìlá. Iye ìdámẹ́rin kìíní ni agbedeméjì àwọn méjìlá ìsàlẹ̀, láàárín ipò 6 àti ipò 7. Ewé 4 ni ó wà kí a tó dé ìlà 4, nítorí náà ewé kejì àti ìkẹta lórí ìlà náà ni a ń wá: 42 àti 45. Èsì jẹ́ 43.5. Fún iye ìdámẹ́rin kẹta, ó rọrùn láti kà láti ẹ̀yìn wá: 91, 75, 73, ewé tí ó fara pamọ́, 68, 64, 64. Ìkẹfà àti ìkeje jẹ́ 64, nítorí náà 64 ni èsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń ṣìṣe níbí, tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọn yóò ka ewé orí ìlà kọ̀ọ̀kan láti apá òsì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà bá ti gbàgbé ewé tí ó fara pamọ́, ọmọ 23 ni yóò kà. Agbedeméjì yóò di 53, iye ìdámẹ́rin kìíní yóò sì di 42. Ọmọ márùn-ún péré ni yóò wà nísàlẹ̀ 42, nígbà tí mẹ́fà wà nísàlẹ̀ 43.5. Ọmọ tí ó gba 42 ni yóò pàdánù ẹ̀kọ́ àfikún nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kí olùkọ́ má sì jẹ́ kí ó ya òun lẹ́nu bí `QUARTILE` lórí kọ̀ǹpútà bá gbé 44.25 jáde, ọ̀nà ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ọmọ mẹ́fà kan náà ni ó sì mú jáde.

Àlàfo

Àlàfo méjì ni ó hàn: láti 18 sí 34, àti láti 75 sí 91. Ìlà 2 àti ìlà 8 ṣófo, ó sì dára bí a ṣe kọ ìtì wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fo ìtì tí kò ní ewé ti pa àlàfo rẹ́. Síbẹ̀, gígùn àlàfo kì í ṣe ti ìlà òfìfo nìkan. Máàkì 16 ni ó wà láàárín 75 àti 91. Fọ́tò tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ tún máa ń sún ewé papọ̀ ní apá kan, nítorí náà nọ́ńbà ni kí a fi wọn àlàfo, kì í ṣe ojú.

Àlàfo kò sọ pé iye tí ó dá wà jẹ́ àjèjì. Ní ìlànà Tukey, a ó fi 43.5 yọ kúrò nínú 64, yóò ku 20.5, ìlọ́po rẹ̀ ní 1.5 jẹ́ 30.75. Ààlà ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 12.75, tòkè yóò sì jẹ́ 94.75. Àti 18 àti 91, àárín ààlà ni wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ìwé ìdánwò ọmọ tí ó gba 18. Bí ẹni tí ó kọ máàkì bá ṣèèṣì yí 81 padà sí 18, àlàfo méjèèjì yóò pòórá bí a bá tún un ṣe, nítorí 34 ni yóò di ìbẹ̀rẹ̀, ìlà 8 yóò sì ní ewé. Agbedeméjì yóò di 56.5, iye ìdámẹ́rin kìíní yóò di 45, ìkẹta yóò sì di 66. Ọmọ náà yóò kúrò nínú orúkọ àwọn tí ó nílò ẹ̀kọ́ àfikún, ọmọ márùn-ún ni yóò sì ṣẹ́ kù níbẹ̀.