Mọ́tò fáànù kékeré, pẹ̀lú òrùka bàbà

Iná tó ń wọlé ní Ọ̀wọ̀, bíi ti gbogbo Nàìjíríà, máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, òòfà tí wáyà mọ́tò yìí ń mú jáde kàn ń le, ó ń rọ̀, lójú kan náà ni. Kò ti irin àárín sí ọ̀tún, kò tì í sí òsì.

Ẹ wo òrùka bàbà tó wà ní igun irin tó yí irin àárín ká. Kò so mọ́ wáyà kankan. Òòfà tó ń yí padà ló ń bí iná sínú rẹ̀, iná náà sì ń dá òòfà igun yẹn dúró díẹ̀. Apá tí kò ní òrùka á kọ́kọ́ le, apá olórùka á tẹ̀ lé e, irin àárín á sì yí sí ọ̀nà ibẹ̀. Agbára yìí kéré púpọ̀. Fáànù kékeré ló lè gbé.

Fáànù àjà ń lo wáyà kejì àti kapásítọ̀, kí iná inú wáyà méjèèjì má baà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kapásítọ̀ bá kú, fáànù á máa kùn láìyí. Bí a bá fi igi tì í, ọ̀nà tí a tì í sí ló máa yí sí.