Ètò Ìṣòwò Tó Ń Jó Àjórẹ̀yìn: Ìbéèrè Márùn-ún Kí Ẹ Tó Pa Á Tì

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣòwò ìpín ìdókòwò máa ń ṣubú láìwo ibì kankan. Ètò tí ènìyàn fi oṣù mẹ́fà kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, inú bí i, ó pa á tì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn di tirẹ̀ mú gírígírí títí owó fi tán. Orísun kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti ṣàn wá. Kò sẹ́ni tó jókòó bi ara rẹ̀ pé: èrè tí ìdánwò ṣèlérí fún mi, ibo gan-an ló gbà lọ?

Ètò ìṣòwò tí mò ń sọ ni òfin tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: rà bí ó bá rí báyìí, tà bí ó bá rí báyìí. Kí a tó fi owó gidi lé e, a máa ń fi iye tí ọjà ná láwọn ọdún tó ti kọjá dán an wò. Ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni mo ń pè é. Ìṣòwò gidi kì í sábà mú èrè tó ti ìdánwò wá, nítorí náà, pé ó dín kù nìkan kò tó ẹ̀rí pé ètò ti kú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa tọ̀ dé òpin. Ká ní oníṣòwò kan ń ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì nígbà tí iye wọn bá já wálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí ó sì ń tà wọ́n nígbà tí wọ́n bá gbérí. Ìdánwò rẹ̀ kó ọdún márùn-ún àti òwò 400 jọ, ìpíndọ́gba èrè orí òwò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.40%. Ó ti wá fi owó gidi ṣe é fún oṣù 18, ó ti ṣe òwò 120, ṣùgbọ́n 0.10% péré ni ìpíndọ́gba rẹ̀. 0.30% ti sọnù. Ṣé kó pa á tì?

Ìkíní: Ṣé ohun tí a dán wò náà ni a ń ṣe?

Ibí ló yẹ kí gbogbo ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Kí ó gbé òfin àtijọ́ náà, láìyí ohunkóhun padà, kí ó fi dán oṣù 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí wò. Lẹ́yìn náà kí ó to òwò inú ìdánwò tuntun yìí sí ẹ̀gbẹ́ òwò tí alágbàtà rẹ̀ ṣe gan-an, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ìlà kan nínú ìwé náà. Ìdánwò sọ pé ó ra ìpín kan ní dọ́là 100, ó sì tà á ní dọ́là 101. Ìwé alágbàtà sọ pé dọ́là 100 àti sẹ́ǹtì 10 ló rà á, dọ́là 100 àti sẹ́ǹtì 95 ló sì tà á. Sẹ́ǹtì 10 lọ lórí rírà, sẹ́ǹtì 5 lọ lórí títà. Lórí dọ́là 100, 0.15% nìyẹn. Ká ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí gbogbo ìlà tí a bá pín in dọ́gba: ìdánwò tuntun fún wa ní 0.25%, owó gidi sì fún wa ní 0.10%. A jẹ́ pé ìdajì ohun tó sọnù kò sí lọ́wọ́ ọjà rárá, ọ̀nà tí a ń gbà rà ló gbé e mì.

Kí ló fà á? Ìdánwò rẹ̀ fi iye tí ọjà fi tì ní ìrọ̀lẹ́ pinnu pé kó rà, ó sì kà á sí pé iye kan náà yẹn ló fi rà á. Ẹ̀dá kankan kò lè ṣe ìyẹn, nítorí ìgbà tí a bá fi mọ iye ìkẹyìn, ọjà ti tì. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó rà, ìpín náà sì ti ń gbérí díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Irú àlàfo báyìí kì í lọ fúnra rẹ̀, ó di dandan kí a tún un ṣe. Ó lè ṣírò ní agogo 3:45 ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọjà tó tì, kó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun rà á ní iye ìparí ọjà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ tún ìdánwò ṣe pẹ̀lú iye agogo 3:45, torí òfin ti yí padà díẹ̀ nìyẹn.

Bí ìdánwò tuntun bá dára tí owó gidi kò dára, ọwọ́ wa ló ní àléébù. Bí àwọn méjèèjì bá burú bákan náà, ó kan ọjà tàbí òfin fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn la tó lè kọjá sí ìbéèrè kejì.

Ìkejì: Ṣé èyí tó kù ju kòńgẹ́ lọ?

Nínú ìdánwò, èrè tàbí àdánù orí òwò kan sábà máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba ní bíi 3%. Bí a bá kó òwò 120 jọ, ìpíndọ́gba wọn lè mì sókè sódò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. A máa ń wọn mímì náà báyìí: 3% ÷ √120 = 0.27%. Ẹ jẹ́ ká pe 0.27% yìí ní òṣùwọ̀n kan.

Èyí tó kù láti ṣàlàyé, láàrin 0.40% àti 0.25%, jẹ́ 0.15%, ó lé díẹ̀ ní ìdajì òṣùwọ̀n. Bí ètò náà bá wà láàyè pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, irú èyí ṣì lè ṣẹlẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Kí àlàfo tó ìlọ́po méjì òṣùwọ̀n ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura gidi. Nítorí náà, ìṣirò yìí kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí ètò náà lọ́rùn.

Ìkẹta: Ṣé a kò ti retí jù láti ìbẹ̀rẹ̀?

0.40% náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó mọ́. Kí oníṣòwò tó rí òfin ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dán ọjọ́ méjì, mẹ́rin àti márùn-ún wò, èyí tó tà jù ló sì mú. Ó dà bí ẹni tó ta ayò ọgbọ̀n ìgbà tó wá ń ròyìn èyí tó jẹ nìkan. Lọ́dún 2016, David McLean àti Jeffrey Pontiff tẹ ìwádìí kan jáde lórí àmì 97 tí àwọn onímọ̀ ti kọ pé wọ́n ń sọ ìpín tí yóò mú èrè wá. Ní àkókò tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn olùwádìí àkọ́kọ́ lò, èrè wọn fi 26% dín kù. Lẹ́yìn tí a tẹ àwọn àmì náà síta fún gbogbo ayé, ó fi 58% dín kù.

Nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu láti gé ìrètí sí ìdajì kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 0.20% fún oníṣòwò wa. Ẹ wá yọ 0.15% tí rírà àti títà ń jẹ kúrò níbẹ̀: 0.05% ló kù, kò sì tó nǹkan kan.

Ìṣirò yìí tún fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ gbọ́. Bí a bá fẹ́ kí òwò fúnra rẹ̀ fi hàn wá dájú pé 0.20% yàtọ̀ sí òfo, òṣùwọ̀n wa gbọ́dọ̀ dín kù sí 0.10%, ìyẹn sì ń béèrè òwò 900. Ní òwò 80 lọ́dún, ọdún mọ́kànlá ó lé ni. A kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà nìkan kò fi lè dá ẹjọ́ yìí, tí a fi nílò ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Ìkẹrin: Ta ló ń san owó fún wa, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Èrè tí a ń jẹ ní ọjà, ẹnìkan ló ń san án. Títí di ọdún 1997, ìdá kan nínú mẹ́jọ dọ́là ni ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí iye ọ̀pọ̀ ìpín ní Amẹ́ríkà, ó sì di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, ìyẹn sẹ́ǹtì 6.25, lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ọjà wọn ti bọ́ sórí sẹ́ǹtì kan. Àlàfo láàrin iye rírà àti iye títà fún pọ̀. Ẹni tí àlàfo náà ń bọ́ kò nílò ìṣirò kankan láti mọ̀ pé oúnjẹ òun ti kúrò lórí tábìlì. Bí ìdí èrè bá kú báyìí, ẹ pa ètò náà tì, kódà bó ṣì ń mú owó díẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìjì ọjọ́ díẹ̀ pe ikú. Ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2007, àwọn ilé owó tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ní Amẹ́ríkà pàdánù gidigidi, nítorí ó jọ pé ẹnìkan ń ta irú ẹrù kan náà tí gbogbo wọn dì mọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, púpọ̀ nínú àdánù náà ti padà. Ẹni tó tà ní Ọjọ́bọ̀ gba àdánù, kò gba àbọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń sanwó fún oníṣòwò wa ni àwọn tí ojú ń kán láti ta ìpín wọn. Kí ó wò ó: ṣé òfin náà ṣì ń rí bí òwò 80 lọ́dún? Ṣé èyí tó já wálẹ̀ jù ṣì ni ó ń gbérí jù? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, àwọn asanwó ṣì wà.

Ìkarùn-ún: Ìlà wo la ti fà sílẹ̀?

Kí ó kọ òwò 400 inú ìdánwò sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń pò káàdì, nígbà 1,000. Nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ó wo bí àpò ṣe wálẹ̀ tó láti ibi tó ga jù. Ká ní ìdá 30% owó rẹ̀ ló ń fi sí òwò kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ogún sì wálẹ̀ ju 16% lọ. 16% ni ìlà ìdúró nìyẹn. Kí ó ṣọ́ra fún ohun kan: àdánù máa ń rìn ní ọ̀wọ́, pípò sì ń tú wọn ká, ìlà náà á wá fara hàn bí ẹni pé ó rọrùn ju bó ṣe rí. Kí ó máa pò wọ́n ní oṣù-oṣù, dípò ọ̀kan-ọ̀kan.

Kí ó fa ìlà kejì sí 10%. Bí owó bá dé ibẹ̀, kó gé òwò sí ìdajì, kó sì tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí ó bá dé 16%, kó dá a dúró láìjiyàn. Kó máa kọ òwò rẹ̀ sínú ìwé láìfi owó lé e, kí ó sì tó padà, kó yege gbogbo ìdánwò bí ètò tuntun.

Ìdájọ́ oníṣòwò wa nìyí. Bí kò bá lè tún ọ̀nà ìrà rẹ̀ ṣe, kó pa ètò náà tì lónìí, nítorí 0.05% kò tó bọ́ ewu rẹ̀. Bí ó bá lè tún un ṣe, kó máa bá a lọ ní ìdajì owó, ìlà rẹ̀ sì ń bẹ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ kọ ìdáhùn yín sí ìbéèrè márààrún sílẹ̀ lálẹ́ òní, nígbà tí ọkàn yín ṣì balẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí owó bá ń já wálẹ̀, ìwé yẹn ni kí ẹ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.