Wíwọn Iṣẹ́ Kí A Tó Dárúkọ Owó

Ní ọjọ́ keje oṣù Òkúdu ọdún 1968, àwọn obìnrin 187 tó ń rán aṣọ àga ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Fọ́ọ̀dù ní Dágẹ́náàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì jáde. Ọkọ̀ tí kò ní àga kò ṣeé tà, nítorí náà kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà níta. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí a máa sọ pé owó ọgbọọgba pẹ̀lú ọkùnrin ni wọ́n jà fún. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló kọ́kọ́ dùn wọ́n. Ní ọdún tó ṣáájú, ilé iṣẹ́ náà wọn gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì pín wọn sí ìpele márùn-ún. Ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ìránṣọ sí, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kà sí iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í gba obìnrin kankan síbẹ̀ láìjẹ́ pé a dán an wò lórí ẹ̀rọ. Ìpele kẹta ni wọ́n ní ó tọ́ sí àwọn.

Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà, Bábárà Kásù, pè wọ́n wá jókòó. Wọ́n gbà láti fún wọn ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọkùnrin ń gbà ní ìpele kejì, ìjà wọn sì wà lára ohun tó bí òfin owó ọgbọọgba ti ọdún 1970 ní Bìrìtéènì. Ṣùgbọ́n ìpele náà kò yí padà. Ó di ọdún 1984, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn, kí wọ́n tó tún iṣẹ́ náà wọ̀n, kí wọ́n sì gbé e sí ìpele kẹta. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àṣìṣe òṣùwọ̀n kan fi wà lórí owó-oṣù wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká wo bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ gan-an. Àwa náà kò ṣàjèjì sí èso rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí owó Údójì tí ìjọba Nàìjíríà san ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Jẹ́róòmù Údójì yẹn kan náà ló to iṣẹ́ ìjọba sí lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 01 títí dé 17. Nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé òun wà ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kẹjọ, ibi tí wọ́n wọn iṣẹ́ rẹ̀ dé ló ń sọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọn iṣẹ́ ni kí àwọn ọ̀gá jókòó, kí wọ́n to iṣẹ́ tẹ̀ léra wọn, látorí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù. Ilé ìtajà tí iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ lè ṣe é láàárín ọ̀sán kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ga ju tọ̀hún lọ. Orúkọ iṣẹ́ àti irú ẹni tó ń ṣe é ló sábà máa ń darí ọkàn àwọn tó ń tò ó. Ilé ẹjọ́ kan ní Ìlú Ọba sọ ní ọdún 1988 pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò tó láti fi dá ẹni tó ń béèrè owó ọgbọọgba lóhùn, pé ó di dandan kí a tú iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí a tó fi wéra. Títú u sí wẹ́wẹ́ yìí ni ọ̀nà kejì, ọ̀nà máàkì, òun sì ni màá bá yín rìn dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ọgbọ̀n ibùsùn. A fẹ́ wọn iṣẹ́ mẹ́ta níbẹ̀: ti dẹ́rẹ́bà, ti kaṣíà tó ń gba owó, àti ti obìnrin tó ń tọ́jú ìmọ́tótó yàrá aláìsàn. Ìgbìmọ̀ kékeré kan, tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ wà nínú rẹ̀, mú òṣùwọ̀n mẹ́rin: ọgbọ́n iṣẹ́, ipá tí iṣẹ́ ń gbà, ẹrù tó wà lọ́rùn ẹni tó ń ṣe é, àti bí ibi iṣẹ́ ṣe rí. Nínú 100 máàkì, wọ́n fún ọgbọ́n ní 40, ẹrù ọrùn ní 30, ipá ní 20, ibi iṣẹ́ ní 10. Wọ́n pín òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí àtẹ̀gùn márùn-ún, wọ́n sì kọ ohun tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kan nínú ọgbọ́n jẹ́ máàkì 8, nínú ẹrù ọrùn 6, nínú ipá 4, nínú ibi iṣẹ́ 2.

Wọ́n fi dẹ́rẹ́bà sí àtẹ̀gùn kẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní máàkì 60. Kaṣíà wà ní àtẹ̀gùn kẹta nínú ọgbọ́n, ìkẹrin nínú ẹrù ọrùn nítorí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìkíní nínú ipá àti ibi iṣẹ́. Tirẹ̀ jẹ́ 54. Nígbà tó kan obìnrin ìmọ́tótó, ẹnì kan sọ pé, “Ṣebí ilẹ̀ ló ń gbá?” Wọ́n fún un ní àtẹ̀gùn kìíní nínú ọgbọ́n àti nínú ẹrù ọrùn, ìkẹta nínú méjì yòókù. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32.

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó lọ sí wọ́ọ̀dù. Ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà kò ju ìlà kan lọ, àwọn tó jókòó sì ti rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ tó bá mọ̀ ohun tó ń ṣe yóò rán ènìyàn lọ wo iṣẹ́ náà láti àárọ̀ dé alẹ́, yóò sì jókòó ti ẹni tó ń ṣe é.

Bí wọ́n bá lọ, ohun tí wọ́n máa rí nìyí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀, obìnrin yìí kì í kàn fi omi nù ún. Yóò po jíìkì mọ́ omi títí agbára rẹ̀ yóò fi di ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ti inú ike bá jẹ́ 3.5, ife jíìkì kan sí ife omi mẹ́fà ni. Bí omi bá pọ̀ jù, kòkòrò àrùn kò ní kú, bí jíìkì bá pọ̀ jù, yóò ba irinṣẹ́ jẹ́, yóò sì ta ojú àti imú ènìyàn. Ó ń ya ìdọ̀tí tó ní ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí lásán. Ó mọ̀ pé bí àpótí abẹ́rẹ́ bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí òun pa á dé, nítorí ẹni tó bá ń ki abẹ́rẹ́ bọ inú àpótí tó kún dẹ́nu ni yóò fi gún ara rẹ̀. Ó ń gbé korobá omi, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, wákàtí mẹ́jọ gbáko. Bó bá fi àìbìkítà tọ́jú yàrá iṣẹ́ abẹ, aláìsàn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò jìyà rẹ̀.

Wọ́n padà sídìí tábìlì. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí àtẹ̀gùn kejì, ipá sí ìkẹrin, ẹrù ọrùn sí ìkẹta, ibi iṣẹ́ sí ìkarùn-ún. Ẹ ṣírò ó: 16, 16, 18 àti 10, ìyẹn 60. Ó bá dẹ́rẹ́bà dọ́gba. Kò sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Wọ́n kàn ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n tún yẹ kaṣíà wò, nítorí ipá kì í ṣe ti iṣan nìkan. Ẹni tó ń ka owó lójú ogunlọ́gọ̀ tó ń kánjú, tí kò gbọ́dọ̀ ṣi kọ́bọ̀ kan, ń lo agbára ọpọlọ. Ó gòkè sí àtẹ̀gùn kejì nínú ipá, tirẹ̀ sì di 58.

Mo gbà pé irú àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn ló bá àwọn ará Dágẹ́náàmù. Ohun tí obìnrin ti kọ́ nílé, tàbí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n máa ń gbójú fò, bí ẹni pé a bí i mọ́ ọn ni. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ níbí mọ iye ọdún tí ọmọ iṣẹ́ fi ń tú ohun tó rán kí ó tó gba òmìnira.

Nǹkan kejì tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ṣòro láti rí, torí inú ìṣirò ló ń sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ̀gùn gbogbo wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn gbé ọgbọ́n sókè sí 50, ká já ipá wálẹ̀ sí 10. Dẹ́rẹ́bà á wà lórí 60, kaṣíà á bá a níbẹ̀, obìnrin ìmọ́tótó á sọ̀kalẹ̀ sí 56. Bí ọgbọ́n àti ipá bá jẹ́ 30 síra wọn ńkọ́? Dẹ́rẹ́bà ṣì wà lórí 60, kaṣíà bọ́ sí 56, obìnrin ìmọ́tótó gòkè lọ sí 64. Ẹni tó kẹ́yìn di ẹni iwájú, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fẹnu kò lórí iye máàkì òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì rí i, kí a tó wọn iṣẹ́ kan ṣoṣo. Níbi tí ọ̀gá bá ti ń yí iye náà padà lẹ́yìn tó ti rí àròpọ̀, èsì tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń wá.

Nítorí pé máàkì kò mú bí abẹ, a kì í san owó lórí máàkì kọ̀ọ̀kan. Inú ìpele la ń kó wọn sí. Ilé ìwòsàn wa lè sọ pé máàkì 41 sí 55 jẹ́ ìpele kejì, 56 sí 70 ìpele kẹta. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí ìpele kẹta. Iṣẹ́ tó bá fi máàkì kan tàbí méjì jìnnà sí ààlà ni kí a tún yẹ̀ wò. Ẹ rántí pé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo nínú ipá ló gbé kaṣíà kọjá ààlà.

Ẹ̀yìn èyí la tó ń dárúkọ owó. Ìgbìmọ̀ béèrè iye tí àwọn ilé ìwòsàn àyíká ń san, wọ́n wo àpò ara wọn, wọ́n sì fi ìpele kẹta sí ₦95,000 títí dé ₦115,000 lóṣù. Dẹ́rẹ́bà ń gba ₦110,000 tẹ́lẹ̀, kaṣíà ₦105,000, àwọn méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin ìmọ́tótó ń gba ₦75,000. Àwọn mẹ́fà ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ku ₦20,000 kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dé ìsàlẹ̀ ìpele, ìyẹn ₦120,000 lóṣù fún gbogbo wọn. Bí owó náà kò bá sí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè san án lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, bí wọ́n bá kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé orúkọ tún lè gbé ẹnì kan jáde tí owó rẹ̀ ga ju ìpele iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bíi akọ̀wé kan tó ti lo ọdún méjìdínlógún níbẹ̀. Àga là ń wọ̀n, a kì í wọn ẹni tó jókòó sórí rẹ̀, nítorí náà ọdún tó ti lò kò lè fi máàkì kún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gé owó rẹ̀. Wọ́n á dá a dúró síbi tó wà títí owó ìpele yóò fi gòkè bá a, nígbà tó bá sì fẹ̀yìntì, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpele.