Ẹ̀gbẹ́ Tó Ń Gúnni Lẹ́nu Eré Sísá

Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ sá eré kìlómítà 5 láàárọ̀ Sátidé. Ó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó mu omi ọsàn inú páálí lé e, ó sì bọ́ sójú títì ní aago méje. Kò tíì sá ju kìlómítà 2 lọ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Bó bá fa èémí sínú, ṣe ló ń le sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í tó iṣan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, èyí tí a fi ń mí. Àwọn mìíràn ní eré ló ń mi ẹ̀dọ̀ àti ikùn jìgìjìgì, tó sì ń fa okùn ẹran tó so wọ́n rọ̀. Èyí kejì dùn-ún gbọ́, àmọ́ àwọn òǹwẹ̀ kò jẹ́ kó dúró. Nínú ìwádìí tí Darren Morton àti Robin Callister ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, àwọn òǹwẹ̀ tó ní ó ṣe àwọn láàárín ọdún kan ju àwọn tó ń sáré lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ara òǹwẹ̀ kì í fò sókè sódò.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ ògiri inú ikùn. Tí oúnjẹ tàbí omi bá wú ikùn, á máa fẹnu ra awọ yìí bí ara ṣe ń yí. Awọ náà kì í gba ìnira mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń gún un. Àwọn mìíràn tún máa ń ní ìrora ní ṣóńṣó èjìká, nítorí iṣan ìmọ̀lára tó ń sin apá kan awọ náà wá láti ọrùn, níbi tí ti èjìká ti wá. Síbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá.

Kí ọ̀dọ́kùnrin wa dẹ eré rẹ̀ sí ìrìn. Kó fi ìka tẹ ibi tó ń gún un, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó fa èémí jinlẹ̀, kó sì ṣu ẹnu jọ tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Dídúró ló dájú jù.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kó sáré kó tó jẹun, tàbí kó jẹun ní ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Kó fi omi ọsàn sílẹ̀ di ẹ̀yìn eré, nítorí ohun mímu tó dùn gan-an ló ń dá a sílẹ̀ jù. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kó mu omi lásán, ẹnu kan ẹnu kan, kì í ṣe kó da odindi piọ wọ́tà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan.

Ìrora yìí sábà máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ènìyàn bá dúró. Bó bá dúró tí kò lọ, tàbí tó bá jẹ́ àyà ló ń fún un, tó ń lọ sí apá tàbí párì, ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.