Okùn Iná Tó Ń Rẹlẹ̀ Láì Ṣẹ́jú

Mítà 5 ni okùn iná ẹ́lídì tí mo so yí òrùlé pálọ̀ mi ká. Fóòtì 12 ló ń lò, ó sì ń fa áńpíà 6 tó bá tàn dé góńgó. Mo fẹ́ kó máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Ìṣẹ́jú 10 ò tíì pé tí òórùn ike jíjó fi gba inú ilé. Nígbà tí mo fọwọ́ kan mọ́sífẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí iná náà tó sì ń tì í, díẹ̀ ló kù kí ìka mi bó.

IRFZ44N ni wọ́n kọ sí i lára. Fóòtì 10 ni irú rẹ̀ ń retí lẹ́sẹ̀ tó fi ń gba àṣẹ kó tó ṣí gbayawu, bẹ́ẹ̀ Aduíno mi ò lè fún un ju 5 lọ. Ilẹ̀kùn náà wá ṣí ní ààbọ̀. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: fóòtì 1 ń ṣòfò nínú rẹ̀, áńpíà 6 sì ń gbabẹ̀ kọjá. Wáàtì 6 ni, gbogbo rẹ̀ ló di ooru.

Àbúrò rẹ̀, IRLZ44N, ni mo fi rọ́pò. L yẹn ni kí ojú yín máa wá. Tó bá ti rí fóòtì 5, ìdènà inú rẹ̀ ò ju óòmù 0.025 lọ. 6 × 6 × 0.025 jẹ́ wáàtì 0.9 péré. Síbẹ̀, mo fi aluminiọ́mù kékeré tì í lẹ́yìn. Mo tún so rẹsísítọ̀ óòmù 10,000 láti ẹsẹ̀ àṣẹ sí ilẹ̀, kí iná má baà tàn fúnra rẹ̀ kí Aduíno tó jí.

Aduíno kì í dín fóòtì kù. Ńṣe ló ń tan iná, tó ń pa á, kíákíá débi pé ojú ò rí àárín rẹ̀. Bí ìgbà títàn bá ṣe kúrú tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ tó. Ìgbà 490 ni pínnì 9 ń ṣe é ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú kámẹ́rà fóònù mi, ìlà dúdú ń rìn lára ògiri. Ìlà yìí, nínú `setup()`, gbé e dé nǹkan bíi 3,900, ìlà dúdú náà sì pòórá:

```
TCCR1B = (TCCR1B & 0b11111000) | 0x02;
```

Ẹ má gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láìnídìí. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ń ṣí, ó ń kọjá ní ààbọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń wá.

Ó ku ti ojú. Bí ẹ bá kọ `analogWrite(9, 128)`, ẹ óò rò pé iná dín sí ìdajì, àmọ́ ojú á rí i bí ẹni pé kò dín tó bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po ara rẹ̀, mo wá ń fi 255 pín in: 128 di 64. Ó wá ń rọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àyàfi nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn láti 2 sí 1 ṣì ń hàn.

Kí ẹ tó fi páálí bo iṣẹ́ yín, ẹ tan iná náà dé góńgó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìka ò bá lè gbé lára mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má tíì bò ó.