Nígbà Tí Fèrè Bá Wà Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, tíṣà eré ìdárayá nìkan ló ni fèrè. Òun ló ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, òun ló ń ka góòlù, òun náà ló ń dá ẹjọ́. Àwọn tí kò tíì kàn á jókòó sábẹ́ igi, wọn a máa pariwo. Daryl Siedentop, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, rò pé ó yẹ kí a yí ètò yìí padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti ń gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1994.

Ní ọ̀nà tirẹ̀, eré kan ṣoṣo ni kíláàsì yóò fi odindi sáà ṣe. Ẹgbẹ́ tí ọmọ bá wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò wà títí di ọjọ́ àṣekágbá. Wọ́n máa ń kọ àbájáde gbogbo ìdíje sílẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan kò gbọdọ̀ jókòó lásán: òun ni ẹgbẹ́ iṣẹ́. Inú rẹ̀ ni rẹfirí, akọ̀wé àti ẹni tó ń wo aago yóò ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi háńdíbọ́ọ̀lù wò ó, eré tí a ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú ilé. Ó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ rẹfirí, torí pé òfin rẹ̀ ṣeé kà lẹ́nu. Ẹni tó mú bọ́ọ̀lù dání kò gbọdọ̀ gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, kò sì gbọdọ̀ dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Yàtọ̀ sí aṣọ́lé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ tó wà nínú ìlà tí a fà yí ilé ká. Lórí pápá àwọn àgbàlagbà, mítà 6 ni ìlà náà fi jìnnà sí ilé. Lórí pápá kékeré ti àwọn ọmọdé, tíṣà lè fà á sún mọ́ ọn.

Kí tíṣà má ṣe fún ọmọ ní fèrè kí ó sì sọ ọ́ sínú ìdíje lójú ẹsẹ̀. Ojú tí kò tíì mọ ibi tí yóò wò yóò máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kiri ni, bọ́ọ̀lù kì í sì í ṣẹ̀ sí òfin. Ní ọjọ́ kìíní, kí ọmọ mẹ́ta máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn, kí ẹnì kẹrin máa ka ìṣísẹ̀ wọn sókè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bí ìkẹrin bá bọ́ sílẹ̀, kí ó fọn fèrè, kí ó na ọwọ́ sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù yóò máa lọ, kí ó wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ kan: “Ìṣísẹ̀!” Ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ṣàlàyé kó tó fọn fèrè ti ṣílẹ̀kùn àríyànjiyàn.

Ìlà ló ṣòro jù. Òfin gbà kí ẹni tó ń jù ú sílé fò láti ẹ̀yìn ìlà, kí ó ju bọ́ọ̀lù nígbà tó ṣì wà lókè, kí ó tó já sí inú ìlà. Góòlù tó mọ́ nìyẹn. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ tó fi fò bá kan ìlà, ó ti wọlé, torí pé ara ibi tó yí ká ni ìlà jẹ́. Ojú ènìyàn kan kò lè wo ẹsẹ̀ yẹn kí ó tún wo ẹni tó ń ti ẹnì kejì láàárín pápá. Ìdí nìyẹn tí rẹfirí háńdíbọ́ọ̀lù fi ń jẹ́ méjì, tí àṣẹ wọn sì dọ́gba. Ọ̀kan á dúró lẹ́bàá ilé, ìkejì á dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kọlu ilé. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́: ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò sáré lọ sí ilé òdìkejì. Àwọn ọmọ máa ń tètè gba èyí, torí ó ń sọ fún olúkúlùkù ohun kan péré tí yóò máa wò.

Ká gbà pé kíláàsì kan ní ọmọ 21, tí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ Àṣá, Ẹkùn àti Ìgalà, méje-méje. Márùn-ún gbá bọ́ọ̀lù, méjì ń dúró láti wọlé. Lọ́jọ́ tí Àṣá kọjú sí Ẹkùn, Ìgalà ló ń ṣiṣẹ́: rẹfirí méjì, akọ̀wé méjì, ẹnì kan nídìí aago, ẹnì kan tó ń kọ ìwà àwọn olùdíje sílẹ̀, ẹnì kan tó ń da bọ́ọ̀lù tó bá jáde padà. Ọmọ Àṣá kan fò, bọ́ọ̀lù wọlé, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n rẹfirí tó wà lẹ́bàá ilé ti fọn fèrè: ẹsẹ̀ kan ìlà. Ariwo sọ. Gbogbo ojú yí sí tíṣà.

Níbí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Bí tíṣà bá sọ èrò tirẹ̀, kódà bí òótọ́ bá wà níbẹ̀, rẹfirí ọmọdé kò ní sí mọ́ lórí pápá yẹn. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kó sì kọ ìbéèrè tí yóò bi wọ́n lẹ́yìn eré. Aṣọ́lé Ẹkùn á ju bọ́ọ̀lù padà sínú pápá, eré á máa lọ. Ìpalára tàbí ìjà nìkan ló yẹ kó mú tíṣà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà ti ń múlẹ̀, kí ó wo ibi tí àwọn ọmọ kọjú sí nígbà àríyànjiyàn. Nígbà tí wọ́n bá ti ń kọjú sí ọmọ tó mú fèrè dání, ó ti ń múlẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní máàkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹgbẹ́ iṣẹ́ yóò máa ṣeré. Ẹ gbà pé ẹni tó bá borí gba 3, ọ̀mì jẹ́ 1, ìwà rere jẹ́ 1 ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì jẹ́ 2: ọ̀kan fún ìwé àbájáde tó pé, ọ̀kan fún ìgbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Àṣá borí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní 6. Ṣùgbọ́n wọ́n bú rẹfirí nígbà méjèèjì, wọn kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ wọn. Ìgalà borí lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìwà gba 2, ó fi iṣẹ́ gba 2: ó di 7. Kò yẹ kí máàkì ìwà àti ti iṣẹ́ pọ̀ ju èyí lọ, torí àwọn ọmọ kò ní ka ìborí sí mọ́. Bí olórí ẹgbẹ́ kan bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé torí pé wọ́n borí rẹ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú kíláàsì.

Àléébù kan wà tó máa ń yọ́ wọlé: àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn ròkè a gba fèrè, wọn a sì fi bébà àti bírò sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Àfi kí tíṣà kọ orúkọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí iṣẹ́ máa yípo, kí ẹnikẹ́ni má sì pààrọ̀ ti ẹlòmíràn.

Ìgbà tí kò yẹ kí a fọn fèrè ni kí a fi sí ìparí sáà. Bí wọ́n bá fa ọmọ kan láṣọ, tó sì já lọ síwájú aṣọ́lé, kí rẹfirí mí díẹ̀ kó tó pinnu, torí fèrè nígbà náà yóò ran ẹni tó ṣẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ dáadáa kò lè mọ èyí. Tí a bá kọ́ ọ ní kùtùkùtù, yóò máa fi í bo ẹ̀rù ara rẹ̀.

Fún kíláàsì ọmọ 42, pápá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó. Kí tíṣà dúró ní àárín wọn, níbi tí yóò ti máa rí àwọn rẹfirí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.